Lẹ́tà sí mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù ọmọdé l'Ábẹ́òkúta: ìdí tí wọn ò fi dá ẹ lóhùn

"Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ìbarà ni mí, mo wà ní ọdún kejì níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba. Mo kọ ímeèlì sí mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù ọmọdé l'Ábẹ́òkúta pé mo fẹ́ wá ṣe pósítìn ọ̀sẹ̀ 4 lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Júláì, ọ̀sẹ̀ 6 ti kọjá, wọn ò dá mi lóhùn. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí, ẹ bá mi wò ó, kí ni mo kọ tí ò dáa?"

Àbúrò mi, mo kí ẹ. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mátírọ́ọ̀nù yẹn ò bínú sí ẹ, kò lágbára láti dá ẹ lóhùn ni. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé níbí kí n tó lọ sí ẹ̀ka míì, irú lẹ́tà báyìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tí wọ́n sábà máa ń há sí ni ibi tí tìẹ náà há sí yẹn. Mátírọ́ọ̀nù ló ni wọ́ọ̀dù lóòótọ́, òun ló mọ ibẹ́ẹ̀dì tó ṣófo àti nọ́ọ̀sì tó máa wá lálẹ́, àmọ́ kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo wọlé láìjẹ́ pé ìwé ti òkè wá. Tó bá kọ "máa bọ̀" sí ẹ lórí ímeèlì, tí ọmọ kan wá já bọ́ láti orí ibẹ́ẹ̀dì níṣojú ẹ, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n máa pè.

Torí náà lẹ́tà náà ò ní máa lọ tààrà sọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù. Ní ọsibítù ìjọba, bóyá FMC n'Ídì-Àbà lo fẹ́ ni o tàbí Ọsibítù Ìpínlẹ̀ n'Íjàyè, olórí ọsibítù lo máa kọ ọ́ sí, wàá wá kọ "Nípasẹ̀: Olórí Àwọn Nọ́ọ̀sì" sábẹ́ ẹ̀, àti "Nípasẹ̀: Mátírọ́ọ̀nù, Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé" sábẹ́ ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni ìlà méjì yẹn o. Tí olórí bá fọwọ́ sí i, á kọ ọ̀rọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fáìlì á sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí nọ́ọ̀sì, á wá dé ọwọ́ mátírọ́ọ̀nù, ìgbà yẹn ló tó lè sọ pé òun gbà. Sékírẹ́ẹ̀dì Háàtì ní Láńtòrò, tó ti wà láti 1895, ti ìjọ Kátólíìkì ni, àmọ́ níbẹ̀ náà ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ni kó o kọ́kọ́ lọ. Mú ibì kan ṣoṣo. Àwọn nọ́ọ̀sì ìlú yìí mọra, tí lẹ́tà kan náà bá wà níbi mẹ́ta, wọ́n á gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oníkálukú á sì máa rò pé ẹlòmíì ti gbà ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ńkọ́? O kọ orúkọ àbísọ ìyá yẹn, o ní "mo nírètí pé ara yín le". Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ níbí "Sà" tàbí "Mà" ni, kó o kọ ipò wọn, kó o má pe orúkọ rárá. Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ ojúlówó lẹ́tà náà ṣá, mo kàn ń sọ ọ́ lédè wa kó lè yé wa ni.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. O kọ pé "mo fẹ́ràn àwọn ọmọdé, mo sì fẹ́ ní ìrírí ní Áfíríkà". Ìyá tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù tí ọmọ 3 ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní Júláì, nígbà tí òjò ti dá ẹ̀fọn sílẹ̀, tí ibà ń gbé àwọn ọmọ wá pẹ̀lú ojú funfun báláú, kí ló máa fi ìyẹn ṣe? Ohun mẹ́ta ló fẹ́ mọ̀: kí lo ti lè ṣe, kí lo ò ní fọwọ́ kàn, ta ló ń bójú tó ẹ.

Kí lo ti lè ṣe. Kọ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kọ ohun tó bá ṣojú ẹ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, mo ní kó bá mi ka èémí ọmọ oṣù 8 kan tó sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀. Ó ka ìṣẹ́jú àáyá 15, ó rí 11, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó kọ 44 sílẹ̀. Mo ní kó tún ún kà, kó ka ìṣẹ́jú kan gbáko, kó wo ikùn ọmọ náà. 56 ló rí. Èémí ọmọ ọwọ́ ò dọ́gba, ó lè dá díẹ̀ kó tún sáré, torí ẹ̀ la kì í fi í ṣe ìlọ́po. Ọmọ tó wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 12, tó bá ti pé 50 sókè, èémí ẹ̀ ti yá jù nìyẹn, 44 ì bá ní kò sí nǹkan, 56 ní kí dókítà wá. Tó o bá kọ sínú lẹ́tà ẹ pé o mọ bí wọ́n ṣe ń ka èémí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, pé o ti máa ń wọn ọmọ sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó ṣírò oògùn ẹ̀ lórí kílò, mátírọ́ọ̀nù á mọ̀ pé ẹni tó ti dúró nídìí ibẹ́ẹ̀dì rí ló ń kọ̀wé. Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ wúlò ju ìpínrọ̀ ìfẹ́ ọmọdé lọ.

Kí lo ò ní fọwọ́ kàn. O ò tíì ní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, torí náà kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ pé o ò ní fún ọmọ kankan ní oògùn tàbí kó o fọwọ́ kan dírípù àyàfi tí nọ́ọ̀sì tó níwèé bá dúró tì ẹ́. Kó o sì kọ ọ́ pé o ò ní ya fọ́tò. Mo fẹ́ kó o mọ ìdí ẹ̀. Ẹnì kan tó wá láti òkè òkun sí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ya ọmọ kan tó wà lórí dírípù, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àánú, ìyá ọmọ náà rí ojú ọmọ ẹ̀ lórí fóònù aládùúgbò. Ó sunkún níwájú wa lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí nǹkan tá a lè sọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àmọ́ kí òfin tó dé ibẹ̀, ojú ìyá yẹn ni gbogbo wa ń rántí tí lẹ́tà bá ti òkè òkun wá.

Ta ló ń bójú tó ẹ. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ẹ ni, lórí bébà wọn, pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ tí wọ́n lè pè. Kó o fi ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ sí i, pàápàá ti mẹ́dọ̀wú B àti ti èéyi. Àwọn ọmọ tí oúnjẹ ò tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, èéyi tó bá sì tara ẹnì kan bọ́ sí wọn lára, kì í fi wọ́n ṣeré.

Ọ̀sẹ̀ 4 yẹn náà, ṣírò ẹ̀ dáadáa kó o tó kọ ọ́. O ní wákàtí 150 ni ilé ẹ̀kọ́ ẹ fẹ́, ìyẹn wákàtí 37 àtààbọ̀ lọ́sẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni iṣẹ́ àárọ̀, wákàtí 6 péré, ọjọ́ 5 á fún ẹ ní 30, ọ̀sẹ̀ 4 á fún ẹ ní 120. Wàá dé ọ̀hún kó o tó rí i pé 30 kù, mátírọ́ọ̀nù ò sì ní fọwọ́ sí wákàtí tó ò ṣe. Kọ ọ̀sẹ̀ 5, kí ẹni tó máa gbé lẹ́tà lọ béèrè bí ṣíìfù tiwọn ṣe rí.

Bí mo ṣe máa kọ àárín lẹ́tà náà nìyí:

"Sà tàbí Mà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kejì ni mí, mo sì ń tọrọ àyè ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé láti ọjọ́ Ajé, 6 Júláì, sí ọjọ́ Ẹtì, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì 2026, ní ṣíìfù àárọ̀. Mo ti ṣe ọ̀sẹ̀ 6 ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà, àti ọ̀sẹ̀ 2 lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, níbi tí mo ti ń wọn ọmọ, tí mo ń ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tí mo sì ń kọ ọ́ sí ṣáàtì. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ yín ni ìtọ́jú ọmọ tí ibà líle mú àti ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mi ò ní fún ọmọ lóògùn láìsí nọ́ọ̀sì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì ní ya fọ́tò kankan. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ mi, ìwé àjẹsára mi àti fọ́ọ̀mù wákàtí tí mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fọwọ́ sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Ó parí. Má fi kún un, ojú ìwé kan ni. O rí i pé mo dárúkọ ibà líle àti fòníkú-fọ̀ladìde, kì í ṣe "gbogbo àìsàn ọmọdé", torí ohun tí wọ́ọ̀dù náà ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, ohun tí wọ́n sì lè kọ́ ẹ dáadáa nìyẹn. Ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ tí mo fojú bù ni mo fi síbẹ̀, fi èyí tó jẹ́ òótọ́ tìẹ rọ́pò ẹ̀.

Bó ṣe máa dé ibẹ̀ ńkọ́. Ímeèlì nìkan ò tó. Tẹ̀ ẹ́, fọwọ́ sí i, fi ránṣẹ́ sí ẹni ẹ níbí, kó tẹ ẹ̀dà méjì jáde. Ọ̀kan á wọ réjísírì ọsibítù, èkejì ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" pẹ̀lú ọjọ́ lé lórí, kó gbé e padà wálé, kó ya fọ́tò ẹ̀ sí ẹ. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá ní àwọn ò rí i, ìbẹ̀rẹ̀ lo máa padà sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 kó padà lọ pẹ̀lú ẹ̀dà náà, kó béèrè ọ́fíìsì tí fáìlì wà.

Kó tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó yà kí mátírọ́ọ̀nù, kó sọ pé lẹ́tà ọmọ òun ń bọ̀ láti òkè. Kó má lọ ní aago 8 o, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nígbà yẹn, wọn ò ní gbójú sókè. Aago 11 dáa, wọ́n á ti fún àwọn ọmọ lóògùn, dókítà á ti yí wọ́ọ̀dù ká tán.