Ṣáàtì ayánilówó àti oṣù Kínní tí kò sí níbẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ayánilówó kan fi ṣáàtì hàn mí pé ọjà àwọn tó yá owó lọ́wọ́ wọn ń gòkè láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kejìlá. Ìrẹsì ni mò ń tà. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?"

Ẹ kú ọjà o. Ìrẹsì ni èmi náà ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ́ sórí àpò ìrẹsì mi. Ó ní iye tí oníbàárà wọn kọ̀ọ̀kan ń tà lọ́sẹ̀ nìyẹn, bí a bá pín in dọ́gba. Òpó ìkẹyìn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó ka iye wọn, 300,000 náírà ni ti oṣù Kẹsàn-án, 345,000 sì ni ti oṣù Kejìlá. Orí 280,000 ni wọ́n ti gbé àwọn òpó náà dìde, kì í ṣe orí òdo, ìdí nìyẹn tí àlékún kékeré fi dà bí òkè.

Mo ṣí ìwé ọjà tèmi. Àpò márùn-ún ni mò ń tà lọ́sẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ní 60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò márùn-ún náà ni mo tà ní oṣù Kejìlá, nígbà tó ti di 69,000. Ẹ ṣírò ó: 300,000 àti 345,000 gẹ́lẹ́ ni, láìyá kọ́bọ̀. Ìrẹsì ló wọ́n, ọjà kò pọ̀ sí i.

Mo wá béèrè òpó oṣù Kínní. Ó ní àwọn ọ̀gá òun kò fi sí i. Àwọn ọ̀gá wo ni kò mọ̀ pé lẹ́yìn Kérésì, owó ilé-ìwé ọmọ ló ń gba ọwọ́ àwọn oníbàárà?

Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ayánilówó mìíràn lọ́dún tó ṣáájú ló jẹ́ kí n béèrè. 200,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọ́n yọ 20,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìfipamọ́, 180,000 ni mo gbà lọ́wọ́, mo sì ní láti san 10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Oṣù Kínní dé, ọjà dá. Wọn kì í gbọ́ pé ọjà dá. Wọ́n á jókòó sí iwájú ìsọ̀ títí tí aládùúgbò á fi mọ̀. Mo ta àpò ní owó tó kéré sí iye tí mo rà á, kí n lè rí owó ọ̀sẹ̀ san, àpò tí mo pàdánù bẹ́ẹ̀ kò sì padà sí ìsọ̀. Èlé 40,000 tí wọ́n pè ní ìdá kan nínú márùn-ún kì í dín kù: ní ọ̀sẹ̀ kejìlá mo ti dá ìdajì padà, síbẹ̀ orí 200,000 pípé ni wọ́n ṣì ń ka èlé lé.

Nítorí náà, ẹ béèrè iye àpò, kì í ṣe iye náírà, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ka àwọn tí kò lè san gbèsè tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn tó san tán nìkan ló wà nínú ṣáàtì wọn.