Ẹni tó tẹ «WAEC»: ṣé ibi ló ń lọ, ṣé ìmọ̀ ló ń wá, àbí ìgbésẹ̀ ló fẹ́ gbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìkànnì wa ń kó ìròyìn, àlàyé àti línkì jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Bí ẹnì kan bá tẹ «WAEC», tí ẹlòmíràn sì tẹ «bi a se n se atunse oruko WAEC», irú èsì mẹ́wàá kan náà ni àpótí ìwárí wa ń kó fún àwọn méjèèjì. Báwo ni a ṣe lè mọ ohun tí kálukú ń wá, kí ló sì yẹ kó yàtọ̀ nínú èsì tí a ó fi hàn wọ́n?

Ìdáhùn: Andrei Broder ni ó gbé ìpín mẹ́ta tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ìwárí ṣì ń lò kalẹ̀, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 lórí àwọn tó ń lo AltaVista, ẹ̀rọ ìwárí kan tí kò sí mọ́. Èkíní ni ìwárí ibi: olùwárí ti mọ ìkànnì tí ó fẹ́ lọ, ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀ ni ó kàn ń wá. Èkejì ni ìwárí ìmọ̀: ó fẹ́ kà nípa nǹkan, kò sì sí ojú-ewé kan pàtó lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwárí ìgbésẹ̀: ó fẹ́ ṣe nǹkan lórí ìkànnì náà gan-an, bíi kí ó sanwó, kí ó wo èsì ìdánwò, tàbí kí ó gba fáìlì sórí fóònù rẹ̀.

Nígbà tí Broder wo 400 ọ̀rọ̀ ìwárí nínú àkọsílẹ̀ AltaVista, ó ka ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìwárí ibi, 48 sí ìmọ̀, àti 30 sí ìgbésẹ̀. Ní ọdún 2008, Jansen, Booth àti Spink jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìpín náà fúnra rẹ̀, ìwárí ìmọ̀ sì lé ní ìdá 80, nígbà tí àwọn méjì yòókù gba nǹkan bí ìdá 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ ti yàtọ̀, òfin tí wọ́n fi ṣe ìpín náà kò sì rí bákan náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi nínú iṣẹ́ ọdún 2008 yẹn ni pé, nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìwárí ni èrò ẹni tó tẹ̀ wọ́n kò hàn gbangba tàbí tó ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, ẹ má fi tipátipá ti ọ̀rọ̀ ìwárí kan sínú ìpín kan ṣoṣo. Ẹ wọn bí ó ṣe tẹ̀ sí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. «Bí a ṣe», «kí ni» àti «ìdí tí» sábà máa ń tọ́ka sí ìmọ̀. «Wo èsì», «sanwó» àti «forúkọ sílẹ̀» ń tọ́ka sí ìgbésẹ̀. Orúkọ àjọ nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ń tọ́ka sí ibi. Ẹ yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi wọ́n wéra, nítorí àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n lórí fóònù kì í sábà fi àmì sí i. Èyí nìkan ti tó láti ya ọ̀rọ̀ ìwárí yín kejì sọ́tọ̀: orúkọ WAEC wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n «bi a se» ni ó ń darí rẹ̀. Ẹni náà lè gbé ìgbésẹ̀ lọ́la. Àlàyé ni ó nílò lónìí.

Orúkọ tó dá dúró ni ó le jù, nítorí pé lẹ́tà mẹ́rin péré kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà ni ẹ ó gbára lé. Ká ní láàárín oṣù kan, àwọn tó tẹ «WAEC» ṣí èsì ní ìgbà 900: ìgbà 640 jẹ́ ojú-ewé àkọ́kọ́ ìkànnì WAEC, ìgbà 180 jẹ́ `www.waecdirect.org` tí wọ́n ti ń wo èsì ìdánwò, ìgbà 80 tó kù sì fọ́n ká sórí àwọn àpilẹ̀kọ yín. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá 71, 20 àti 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìwárí ibi ni, àmọ́ ẹnì kan nínú márùn-ún fẹ́ gbé ìgbésẹ̀. Bí ẹ bá wo ti àtúnṣe orúkọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sí ojú-ewé tó gba ìlàjì, àti pé ẹnì kan náà ń ṣí méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó kúrò. Bí ìwárí ìmọ̀ ṣe máa ń rí nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ìṣirò yìí o. Àwọn ènìyàn máa ń ṣí ohun tó wà lókè nítorí pé òkè ni ó wà. Bí àpilẹ̀kọ kan bá ti wà ní ipò kìíní fún oṣù mẹ́fà, yóò dà bí ẹni pé òun ni gbogbo ayé ń wá, ẹ̀rọ yín yóò sì túbọ̀ dì í mú síbẹ̀. Láti mọ̀ bóyá irọ́ ni, ẹ pààrọ̀ ipò kìíní àti ìkejì fún ìwọ̀nba àwọn olùwárí kan. Ojú-ewé tí ènìyàn ń wá lóòótọ́ yóò rí ẹni ṣí i ní ipò kejì. Èyí tí ipò ń gbé yóò já sílẹ̀ lójijì. Ẹ tún wo àwọn tó ṣí èsì kan, tí wọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí wọ́n sì ṣí òmíràn: àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n ń wá.

Ní ti bí èsì ṣe yẹ kó yàtọ̀, ìwárí ibi ni ó rọrùn jù. Ibùdó náà gbọ́dọ̀ wà ní ipò kìíní. Ipò kejì ti jẹ́ àṣìṣe. Fún «WAEC», ẹ fi ìkànnì àjọ náà sókè, ẹ fi línkì ìwo-èsì sí abẹ́ rẹ̀ gan-an fún ìdá 20 yẹn, kí èsì tó kù má pọ̀.

Fún ìwárí ìmọ̀, òdìkejì ni. Ẹ nílò ojú-ewé bíi mélòó kan tí kò sọ ohun kan náà: ọ̀kan lórí ìwé tí wọ́n máa ń béèrè, ọ̀kan lórí àkókò, ọ̀kan lórí àtúnṣe ọjọ́ ìbí tí ó sún mọ́ ọn. Àyọkà abẹ́ àkọlé gbọ́dọ̀ gùn tó láti fi ìdáhùn hàn. Ẹ rántí pé ẹni tó rí ìdáhùn nínú àyọkà yẹn lè má ṣí ohunkóhun, nítorí náà àìṣí èsì níbí kì í ṣe ẹ̀rí pé a kùnà.

Fún ìwárí ìgbésẹ̀, ojú-ewé tí a ti lè ṣe nǹkan náà ni kí ó ṣáájú, kì í ṣe àpilẹ̀kọ tó ń sọ nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí lè dun àwọn olóòtú yín, nítorí àpilẹ̀kọ ni ó ń mú òǹkàwé wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ wo èsì lè kó sọ́wọ́ ìkànnì àfarawé bí ẹ kò bá gbé ti àjọ náà gan-an síwájú rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ẹ ó fi dán èsì wò náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Fún ibi, ẹ pín 1 sí ipò tí ojú-ewé tó tọ́ wà: ipò kìíní gba 1, ìkejì gba 0.5, ẹ̀kẹrin gba 0.25. Fún ìmọ̀, ẹ jẹ́ kí ènìyàn fún gbogbo èsì mẹ́wàá ní máàkì láti 0 sí 3, kí èyí tó wà lókè wúwo ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Fún ìgbésẹ̀, ẹ wò bóyá olùwárí padà wá tẹ irú ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ yẹn. Bí ó bá padà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ má tíì parí.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà bá jáde, ìdá 71 àti 20 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lè yí padà láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ «WAEC» lọ́jọ́ náà, èsì ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹ má fi àkọsílẹ̀ oṣù kan nìkan pinnu. Ẹ máa ka ti wákàtí 24 tó kọjá lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi í wé ti oṣù náà. Bí ìpín ìwo-èsì bá ti kọjá ìlàjì, kí línkì rẹ̀ gòkè sí ipò kìíní, kí ìkànnì àjọ náà sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ títí tí ìwọ̀n méjèèjì yóò fi tún sún mọ́ra.