Kí ló dé tí fóìsì nóòtì gígùn fi ń sú ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, ìgbà wo ló sì yẹ ká tẹ ọ̀rọ̀ ṣókí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Alásè ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Fóìsì nóòtì ni mo fi ń rán àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ níṣẹ́ torí ọwọ́ mi kì í dilẹ̀ láti máa tẹ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún ọ̀kan nínú wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ó ṣì lọ ra báàgì ìrẹsì méjì dípò ọ̀kan àtààbọ̀, ó tún lọ já ẹrù síbi tí mi ò ní kó já a sí. Mo bá a wí, ó ní fóìsì nóòtì mi ti ń sú òun. Ṣé àfojúdi kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú wàhálà. Àfojúdi kọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe tẹ́lẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣòwò ṣètò bí wọ́n ṣe ń gba ọ́dà àti bí wọ́n ṣe ń rán ọmọṣẹ́ lórí fóònù, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí sì ni mò ń rí jù. Ọ̀rọ̀ yín ò burú, ohùn yín ò burú, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé ni ò bá irú iṣẹ́ tí ẹ rán mu.

Ẹ wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ọwọ́ yín lè wà nínú ìkòkò, ẹ lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹni tó máa gbọ́ ọ ló máa dúró. Kò lè fojú sá a wò kó mọ ibi tí iye owó wà, kò mọ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí níparí, àfi kó gbọ́ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Èèyàn máa ń sọ tó ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, torí náà ìṣẹ́jú márùn-ún yín máa sún mọ́ ọ̀rọ̀ 600. Tí wọ́n bá tẹ kókó inú ẹ̀, kì í ju ọ̀rọ̀ àádọ́ta lọ, kò sì ní gbà á tó ìdajì ìṣẹ́jú láti kà á. Tó bá wá jẹ́ pé inú gúrúùpù lẹ ju fóìsì nóòtì yẹn sí, tí ọmọṣẹ́ márùn-ún wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún yín ti di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sì lè wà lórí ọ̀kadà, wọ́n lè wà láàárín ariwo ọjà ní Sábó, ẹlòmíì lè wà nínú kíláàsì ní yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó lè gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ nínú wọn. Wọ́n á ní àwọn á gbọ́ ọ tó bá yá, nígbà tó bá wá yá, mẹ́ta míì ti gun orí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkókò nìkan kọ́ ló bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò dúró. Bó ṣe ń jáde ló ń lọ, ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa di gbogbo ẹ̀ mú sórí, orí èèyàn ò sì lè di ohun tuntun púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ tó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò sọ pé bíi mẹ́rin ni, ó lè lé díẹ̀. Ẹ ka ohun tó sábà máa ń wà nínú irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán ọmọ yẹn: ìrẹsì, òróró, tòmátò, ata rodo, ẹran, iye owó tó mú dání, nọ́ńbà akáǹtì oníata, ibi tó máa já ẹrù sí, àti àkókò. Nọ́ńbà akáǹtì nìkan, ẹyọ mẹ́wàá ni. Tó bá fi máa dé orí ibi tí wọ́n máa já ẹrù sí, òróró ti fò lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ní òun gbọ́ ọ tán, tí kò sì purọ́.

Àmọ́ ibi tó ń pa iṣẹ́ jù ni àtúnṣe tí a ń ṣe láàárín ọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ fóìsì nóòtì tiyín, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ púpọ̀ lára tàwọn alásè, báyìí ló ṣe máa ń rí: níbẹ̀rẹ̀ ẹ ó kí i, ẹ ó bi í bóyá ìyá ẹ̀ ti gbádùn, ẹ ó ní kó ra báàgì ìrẹsì méjì. Ẹ ó lọ sórí ata, ẹ ó sọ ti oníata tó já yín kulẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó parí, ẹ ó rántí pé bàbá ìkókó tẹ́ ẹ fẹ́ bá dáná ìkómọ pè pé àlejò ti dín, ẹ ó ní "há, ìrẹsì yẹn, jẹ́ ká fi ṣe ọ̀kan àtààbọ̀." Lọ́dọ̀ tiyín, ẹ ti tún un ṣe. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, méjì ló kọ́kọ́ wọlé, méjì ló ti ń rò bó ṣe máa gbé, ọ̀kan àtààbọ̀ wá gba ibẹ̀ kọjá fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ míì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yí èrò padà ẹ ó pa méjì rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹni tó máa kà á ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé méjì wà níbẹ̀ rí. Inú ohùn, àṣìṣe àti àtúnṣe jọ ń gbélé ni, olùgbọ́ ló wá ku kó mọ èwo ni kó mú.

Bó bá wá dé ọjà tí iyèméjì mú un, ó di dandan kó tún gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí téèyàn bá wá "ìrẹsì" nínú Wásáàpù, ohun tí wọ́n tẹ̀ nìkan ló máa gbé jáde, kì í wá inú ohùn. Ó lè fa ìlà ohùn yẹn síwásẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí ìlà yẹn tó máa sọ fún un pé ibí la ti sọ ti òróró. Òótọ́ ni pé láti 2021 èèyàn lè mú un yára sí 1.5× tàbí 2×, ìyẹn ń dín àkókò kù, kò sọ nọ́ńbà di ohun tó dúró. Ní 2024 wọ́n tún mú èyí tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkà wọlé, ṣùgbọ́n Yorùbá ò sí lára àwọn èdè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì máíkì kékeré tó ń di búlúù yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kò sọ pé wọ́n gbọ́ ọ dópin. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, búlúù yẹn ló dá a sílẹ̀.

Ohun tí màá gbà yín níyànjú nìyí mà: ohunkóhun tí ẹni yẹn máa ní láti padà wá wò, ẹ tẹ̀ ẹ́. Iye, ọjọ́, aago, ibi, orúkọ, nọ́ńbà akáǹtì. Ẹ ní ọwọ́ yín kì í dilẹ̀, mo gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn ò ní ju irú èyí lọ:

Ra nǹkan lọ́la Fúráìdè, kí aago 12 tó lù.
Ìrẹsì: báàgì 1 àtààbọ̀ (kì í ṣe 2)
Òróró: kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹyọ 1
Tòmátò: apẹ̀rẹ̀ 1. Ata rodo: ìdajì àpò
Ẹran: má rà á, èmi fúnra mi ni màá rà á
Já ẹrù sí ilé ìkókó ní títì Ìlọrin, MÁ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù
Tó o bá rí i, kọ iye ìrẹsì àti ibi tó o máa já ẹrù sí padà fún mi.

Iye tí mo kọ síbẹ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀. Ẹ wo ìlà kìíní, ohun tó máa ṣe àti ìgbà tó máa ṣe é ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe ní rédíò, kókó ìròyìn la kọ́kọ́ ń kà, ká tó bọ́ sínú kúlẹ̀kúlẹ̀, a sì tún máa ń ka kókó náà níparí torí a mọ̀ pé ẹni tó ń gbọ́ wa ò lè dá wa padà. Ẹ fi fígọ̀ kọ iye, ẹ má fi lẹ́tà kọ ọ́, fígọ̀ ló yá ojú. Ibi tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé wọ́n lè ṣì í, ẹ kọ ohun tí ẹ ò fẹ́ síbẹ̀, bíi "kì í ṣe 2" yẹn. Ìlà tó kẹ́yìn ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹni tó kọ "ó dáa mà" lè má tíì ka nǹkan kan, ẹni tó bá kọ "1 àtààbọ̀, títì Ìlọrin" ti kà á.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pa fóìsì nóòtì tì o. Bí wọ́n ṣe ń gé ẹran, bí ọbẹ̀ ṣe máa ki tó, ohùn yín ló máa ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ oníbàárà tí inú ń bí, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín, ọ̀rọ̀ títẹ̀ máa ń gbẹ nírú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ sọ ohun tó dá lé. Wásáàpù máa ń jẹ́ kéèyàn dúró díẹ̀ láàárín ohùn tó ń gbà, kó sì gbọ́ ọ kó tó fi ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ara yín tẹ́ ẹ ní "há, rárá o", ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tún un gbà. Ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ilé onílé, ẹ má fi sínú ohùn rárá, torí ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí gbangba láàárín èrò, àwọn tó ń gbé fóònù sétí láti gbọ́ ọ ò pọ̀.

Tó bá wá wà nínú àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ẹni tí ò mọ̀wé kà, bóyá màmá tó ń bá yín dáná, títẹ̀ ò wúlò fún un nìyẹn. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ fún un: fóìsì nóòtì kan fún ọjà, òmíì fún ibi tí ẹrù máa lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú àáyá ogún lọ. Bẹ́ẹ̀, tó bá fẹ́ tún ti ọjà gbọ́, ti ọjà nìkan ló máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí màmá fi ohùn tiwọn ka iye padà fún yín, tí wọ́n bá ní méjì, ẹ ṣì ráyè pè wọ́n kí wọ́n tó sanwó.