Èsì ìdánrawò Mátíìsì: kí ló kàn láti kà?

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ifẹ̀ ni mo wà, Lágeere ni mo ti ṣe ìdánrawò Jáḿbù mi kẹta. Èsì Mátíìsì mi nìyí: nọ́ńbà, mo gba 5 nínú 8, áljíbírà, 6 nínú 12, jiọ́mẹ́tírì, 6 nínú 11, kálkúlọ́ọ̀sì, 1 nínú 4, sìtátísíìkì, 4 nínú 5. Wọ́n ní kálkúlọ́ọ̀sì ni mo kù díẹ̀ káàtó sí jù, ìdá 25 péré. Ṣé òun ni kí n gbájú mọ́? Mo ti ya fọ́tò àwọn èyí tí mo kùnà àti èsì méjì àkọ́kọ́ síbí.”

Àbúrò, fi kálkúlọ́ọ̀sì sílẹ̀ ná. Áljíbírà ló kàn, kì í sì í ṣe gbogbo áljíbírà. Àwọn ìbéèrè oníàmì > àti < nìkan ni kó o jókòó tì lọ́sẹ̀ yìí. Wàá rí ìdí rẹ̀ nínú ìwé èsì rẹ fúnra rẹ.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa ń kọ síwájú tọ́píìkì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni kálkúlọ́ọ̀sì ní. Ká ní o gba ẹyọ kan sí i, ìdá 50 ni wọn ì bá kọ fún ọ. Ká ní o gba méjì sí i, ó di 75. Ní áljíbírà tó ní ìbéèrè 12, ẹyọ kan kò lè gbé ọ ju nǹkan bí ìdá 8 lọ. Ìdí nìyẹn tí tọ́píìkì kékeré fi máa ń wà lókè téńté tàbí nísàlẹ̀ pátápátá nínú èsì, tí ó sì máa ń yí padà láti ìdánwò kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ọmọ náà kàwé sí i. Iye ìbéèrè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni kó o máa kà. Bí àwọn ilé ìdánrawò ṣe ń ṣírò rẹ̀, ìbéèrè 40 ló pín máàkì 100, ìyẹn máàkì méjì àtààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló bọ́ ní kálkúlọ́ọ̀sì, máàkì 7.5 nìyẹn. Mẹ́fà bọ́ ní áljíbírà, máàkì 15. Márùn-ún bọ́ ní jiọ́mẹ́tírì, 12.5. O rí i pé ibi tí ìdá ti kéré jù kọ́ ni máàkì ti ń jò jù.

Ohun kejì ni pé ìwé èsì da èyí tí o kùnà pọ̀ mọ́ èyí tí o kò fọwọ́ kàn rárá. Wo fọ́tò rẹ dáadáa. Ìbéèrè 37 dé 40 ṣófo. Méjì nínú wọn jẹ́ kálkúlọ́ọ̀sì, ọ̀kan áljíbírà, ọ̀kan jiọ́mẹ́tírì. Ìyẹn ni pé méjì péré lo dáhùn ní kálkúlọ́ọ̀sì. O gba ọ̀kan, o kùnà ọ̀kan. Ta ló lè fi ìbéèrè méjì sọ pé ẹnì kan kò mọ kálkúlọ́ọ̀sì? Bí àlàfo bá tò tẹ̀ léra ní ìparí, tí tọ́píìkì wọn sì yàtọ̀ síra, àkókò ló tán lọ́wọ́ ọmọ. Bí ó bá fọ́n ká, ọ̀kan ní 9, ọ̀kan ní 21, ọ̀kan ní 30, tí gbogbo wọn sì jẹ́ tọ́píìkì kan náà, nígbà náà ni ká sọ pé ọmọ ń sá fún tọ́píìkì yẹn. Tìrẹ jẹ́ ti àkókò. O lè ka kálkúlọ́ọ̀sì dójú àmì, ìbéèrè 37 kò ní í kàn ọ́ bí o ṣì ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ìbéèrè 12.

Àlàfo mẹ́rin yẹn jẹ́ máàkì 10, wọ́n sì tóbi ju ohun tí o ń bi wá lọ, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kọ́ ni oògùn wọn. Ìbéèrè 180 ni Jáḿbù ń gbé síwájú ẹni nínú wákàtí méjì, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ìyẹn kò lè tó fún Mátíìsì, nítorí náà láti ara Gẹ̀ẹ́sì ni wàá ti yọ àkókò kún un. Ìbéèrè tí o bá ti wò fún ìṣẹ́jú kan tí kò yé ọ, sàmì sí i, kọjá, padà wá. Wọn kì í yọ máàkì ẹni tó bá kùnà, nítorí náà má ṣe fi àlàfo kankan sílẹ̀. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì, tẹ lẹ́tà kan fún gbogbo èyí tó ṣófo.

Ó wá ku áljíbírà. Lẹ́yìn tí a yọ èyí tó ṣófo, márùn-ún lo kùnà níbẹ̀. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ìwé èsì kò sì lè bá ọ ṣe é, torí “áljíbírà” tó kọ sílẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ṣí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tún un ṣe lórí ìwé láìwo ìdáhùn, kó o sì wo ìlà tí ọwọ́ rẹ ti ṣìnà. Mo ti bá ọ ṣe é. Ọ̀kan jẹ́ báínárì, ọ̀kan jẹ́ fárìéṣọ̀n tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn mẹ́ta tó kù, àṣìṣe kan náà ni.

Èyí àkọ́kọ́ ni 5 − 2x > 11. O yọ 5 kúrò lápá méjèèjì, ó ku −2x > 6, ó tọ̀nà. O wá fi −2 pín in, o sì mú x > −3. Bí a bá fi nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò pín tàbí tí a fi sọ ọ́ di púpọ̀, ojú àmì yẹn gbọ́dọ̀ yí padà: x < −3 ni. Ìkejì ni 7 − x ≤ 2. O mú x ≤ 5, x ≥ 5 ló yẹ. Ìkẹta ní ìdá nínú, 1 − x/3 > 3. O mú x > −6, x < −6 ni. Àwọn tó ṣètò ìbéèrè mọ àṣìṣe yìí dáadáa, wọ́n sì máa ń fi ìdáhùn òdì yẹn sáàárín A dé D kó lè gba ọmọ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ọ́ lẹ́nu nígbà tí o rí i níbẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan ló dùn ún wò sàn jù. Wo jiọ́mẹ́tírì: mẹ́rin tí o kùnà, ọ̀kan jẹ́ bẹ́ríǹgì, ọ̀kan jẹ́ ti inú òbìrípo, ọ̀kan jẹ́ wíwọn ìtóbi kóònù, ọ̀kan jẹ́ lókọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, máàkì 2.5 sì lèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó bọ́ ní nọ́ńbà ńkọ́? Ìlànà rẹ tọ̀nà nínú méjì, ìkánjú ló jẹ́ kó o kọ 7 × 8 sí 54. Ẹni tó bá lọ tún gbogbo lọ́ọ̀gì kà nítorí èyí kàn fi alẹ́ rẹ̀ ṣòfò ni.

Kí o tó gbà mí gbọ́, wo èsì méjì àkọ́kọ́. Áljíbírà jẹ́ 7 nínú 11 àti 6 nínú 12. Kálkúlọ́ọ̀sì jẹ́ 3 nínú 4 àti 2 nínú 5. Kó wọn pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí: áljíbírà di 19 nínú 35, kálkúlọ́ọ̀sì di 6 nínú 13. Ìdá 54 àti 46 nìyẹn. Ìyàtọ̀ ńlá tó dẹ́rù bà ọ́ nínú èsì kan ṣoṣo ti rọ̀, síbẹ̀ 16 ló bọ́ ní áljíbírà, 7 ní kálkúlọ́ọ̀sì, méjì nínú 7 yẹn sì jẹ́ àwọn tó ṣófo. Nínú 16 ti áljíbírà, mo ka mẹ́fà tó jẹ́ oníàmì > àti <: ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́, méjì nínú ti ìkejì, mẹ́ta nínú èyí. Nítorí náà má retí máàkì 7.5 ní gbogbo ìgbà. Méjì nínú ìdánwò kan ni kó o fọkàn sí, máàkì 5. Ó ṣì dára fún iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé èsì kò lè fi hàn, ìyẹn ni èyí tí o fi àméfò gbà. Lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí o mọ̀ àti èyí tí o méfò jẹ́ bákan náà. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà, nítorí náà ẹni tó bá méfò mẹ́rin yóò sábà gba ọ̀kan. Wò ó báyìí: 1 nínú 4 tí o gbà ní kálkúlọ́ọ̀sì, ẹni tí kò ka ìwé rárá lè gbà á. Nígbà míì, mú bébà pélébé dání, kọ nọ́ńbà ìbéèrè tí kò dá ọ lójú sílẹ̀ bí o ṣe ń dáhùn. Lẹ́yìn ìdánwò, kà á mọ́ èyí tí o kò mọ̀, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé o gbà á. Bí ilé ìdánrawò bá jẹ́ èyí tó kàn ń fún ẹni ní àròpọ̀ máàkì láìpín in sí tọ́píìkì, bébà yìí kan náà ni wàá fi pín in fúnra rẹ.

Nípa àmì > àti <, ìlànà náà ti yé ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá; ọwọ́ ló máa ń gbàgbé. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni dídán an wò. Ní 5 − 2x > 11, fi 0 sípò x: 5 ju 11 lọ? Rárá. Ṣùgbọ́n 0 wà nínú x > −3 tí o mú, nítorí náà ìdáhùn yẹn ti ṣubú. Fi −4 sí i: 5 + 8 jẹ́ 13, ó ju 11 lọ, x < −3 dúró. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ṣe ogún ìbéèrè lónìí, kó o sì máa dán ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wò báyìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ṣe mẹ́wàá mìíràn tí o dà pọ̀ mọ́ ìbéèrè ìdọ́gba lásán, kí ojú rẹ má baà ti mọ̀ pé àmì ni wọ́n ń dán wò. Bí o bá gba mẹ́jọ, kọjá sí fárìéṣọ̀n. Má lo áàpù tí o ti lò tẹ́lẹ̀ fún èyí, torí ìbéèrè kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń yí po. Máàkì á lọ sókè, ṣùgbọ́n ìdáhùn lo há sórí.

Kálkúlọ́ọ̀sì ṣì máa kàn. Ìdánrawò kẹrin ni kó o fi mọ ìgbà. Dáhùn gbogbo 40, má fi àlàfo kankan sílẹ̀, kó o sì fi bébà rẹ sàmì sí àwọn tí o méfò. Bí o bá wá rí i pé gbogbo ìbéèrè kálkúlọ́ọ̀sì ló wà lórí bébà, bẹ̀rẹ̀ láti orí dífẹ́rẹ́ńṣíéṣọ̀n, òfin yíyọ agbára x sílẹ̀, torí ó kúrú, ìbéèrè tó sì nílò òun nìkan kì í wọ́n.