Ìṣirò èròjà inú ìdì ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Èkìtì, báwo ni mo ṣe lè mọ èròjà tó wà nínú ìdì mọ́ínmọ́ín kan?”

Ẹ wọn ẹ̀wà ní gbígbẹ kí ẹ tó rẹ ẹ́, torí omi máa ń fi ìwọ̀n kún un láìfi èròjà kún un, kí ẹ sì yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún èèpo. Bí ó bá ṣẹ́ku 500 gíráàmù, amúaradàgbà inú rẹ̀ á tó 120 gíráàmù, èròjà afúnnilágbára á sì tó 300. Ẹ wá da òróró ẹ̀pà 100 mìlílítà sí i, èyí tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 92 gíráàmù, pẹ̀lú 200 gíráàmù ẹja títọ̀sì sísè tí a ti yọ eegun rẹ̀.

Bí ẹ bá pọ́n ọn sínú ewé eéran ní ìdì 10 tó dọ́gba, ìdì kan á ní amúaradàgbà 17 gíráàmù, afúnnilágbára 30 àti ọ̀rá 14. Òróró nìkan ló ni 9 nínú ọ̀rá yìí, nítorí náà ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹja ni kí ẹ tún ṣọ́ gidigidi, nítorí ìdì tí kò bá kan ẹja rárá á já sí amúaradàgbà 12 àti ọ̀rá 10.