Omi òjò ń gba ìsàlẹ̀ fèrèsé alumíníọ̀mù wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fi fèrèsé alumíníọ̀mù oníṣíṣún sí ilé wa ní Òṣogbo. Òjò àkọ́kọ́ tó bá ìjì wá, omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ pálọ̀. Oníṣẹ́ padà wá, ó fi sílíkónì dí gbogbo ihò tó rí níta, ṣùgbọ́n omi tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wẹ́dà sì ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá fi irin bọ́gílárì sí i. Ṣé kó máa bọ̀?

Ìdáhùn: Mọ̀mọ́ mi, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe sùúrù ná. Nínú àwọn ihò tí wọ́n dí yẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí omi máa gbà jáde.

Fèrèsé oníṣíṣún kì í dá omi dúró pátápátá. Gíláàsì méjèèjì gbọ́dọ̀ ráàyè rìn lórí réèlì, ibi tí nǹkan bá sì ti ń rìn, àlàfo díẹ̀ á wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjì bá ń gbá òjò mọ́ gíláàsì, omi á ṣàn sínú réèlì ìsàlẹ̀. Àwọn tó ṣe irú fèrèsé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí réèlì tó kọjú sí inú ilé fi ga ju ti ìta lọ, tí a sì máa ń lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí ìta nítòsí igun méjèèjì. Omi á kó jọ díẹ̀, á sì tibẹ̀ jáde lọ. Tí ẹ bá wá dí ihò yẹn, réèlì ti di ọpọ́n nìyẹn. Yóò kún, afẹ́fẹ́ yóò tì í, yóò sì dà sórí àga yín.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín láìdúró de òjò. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan, ẹ ṣún gíláàsì sápá kan, kí ẹ rọra da bí ìdajì rẹ̀ sínú réèlì, kí ẹnì kan sì dúró níta máa wò. Omi gbọ́dọ̀ jáde síta láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá dúró síbẹ̀, ihò ti dí. Tó bá ń ṣàn wá sọ́dọ̀ yín nínú ilé, fèrèsé náà ló dagun sínú. Tí omi bá lọ tán ṣùgbọ́n tí ògiri abẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti lu réèlì náà nísàlẹ̀.

Mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú ilé kan ní Ògo-Olúwa. Fèrèsé náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú àti lóròó, ó ní réèlì mẹ́ta torí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bíríkìlà ti fi simẹ́ńtì gbé ojú fèrèsé níta sókè títí tó fi bo ihò omi. Mo fi ọ̀bẹ tín-ínrín àti ṣíṣù kékeré họ ọ́ kúrò, mo sì rẹ simẹ́ńtì náà sílẹ̀ kó lè dà sọ́nà ìta. Ìdajì omi tí mo dà síbẹ̀ jáde, ìdajì yòókù dúró sínú réèlì nẹ́ẹ̀tì, torí pé ẹni tó ṣe é kò lu ihò láti réèlì yẹn bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo lù ú. Mo wá gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lé e, mo rí i pé ó dagun sínú ní bíi mìlímítà mẹ́ta. A tú ìdè tó mú un mọ́ ògiri, a ki ike pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ nínú, a sì tún un dè. Síbẹ̀ ògiri ṣì ń tutù. Ìdè méjì tó gba ìsàlẹ̀ réèlì wọ inú búlọ́ọ̀kù ló fà á. Kí n má purọ́, èmi náà ti de irú rẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Nísinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti òkè ni mo máa ń dè, n kì í lu ìsàlẹ̀.

Sílíkónì ní àyè tirẹ̀, àárín alumíníọ̀mù àti ògiri ni. Àlàfo yẹn kò yẹ kó ju mìlímítà márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ki fóòmù sí i kí sílíkónì lè bo ojú rẹ̀ nìkan, nítorí èyí tó bá nípọn jù kì í gbẹ dáadáa nínú. Kí ògiri gbẹ, kí wọ́n sì gbọn eruku rẹ̀ kúrò. Ibi tí eruku bá wà, ara eruku ni sílíkónì yóò lẹ̀ mọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá ń rùn kíkan bíi ọtí kíkan, gíláàsì ló dára fún, kì í pẹ́ lára simẹ́ńtì kó tó ṣí. Ẹ béèrè èyí tí kì í rùn kíkan. Kí wọ́n kun ògiri tán kí wọ́n tó fà á, ọ̀dà kì í mú lórí sílíkónì. Àti pé, kí bíríkìlà má jẹ́ kí simẹ́ńtì tútù gbẹ sára alumíníọ̀mù, ó máa ń jẹ ẹ́ títí tí yóò fi ní àbàwọ́n tí kò ṣe é fọ̀.

Tí eruku ọyẹ́ bá tún ń wọlé, ara okùn onírun tó wà létí gíláàsì ni kí ẹ wò. Ẹ fi bébà pẹlẹbẹ sí àárín gíláàsì méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ pa fèrèsé dé, kí ẹ wá fa bébà náà. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, irun náà ti kúrú tàbí ó ti gé. Wọ́n ń tà á ní mítà mítà, a máa ń fa ti àtijọ́ yọ, a ó sì ti tuntun bọ inú ojú ihò rẹ̀. Eruku díẹ̀ yóò ṣì máa gba ihò omi wọlé; ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá réèlì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹrẹ̀ ọyẹ́ náà lè dí ihò.

Ó wá kan wẹ́dà. Ó yẹ kí irin ti wọ inú búlọ́ọ̀kù kí alumíníọ̀mù tó dé, ṣùgbọ́n èyí tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kó jó irin náà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó kùn ún, kó sì wá de é mọ́ ògiri pẹ̀lú bóòtù níbí. Tó bá jó o nítòsí fèrèsé, ẹ̀ta iná yóò ta mọ́ gíláàsì, ojú rẹ̀ yóò sì di ṣóńṣó ṣóńṣó tí kò ní fọ̀ kúrò. Kí irin má kan alumíníọ̀mù rárá, nítorí tí omi bá wà láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ. Inú ilé ni kí ó wà, pẹ̀lú àyè tí ẹ ó fi lè gbé gíláàsì sókè yọ kúrò lórí réèlì, torí ọwọ́ inú la fi ń yọ ọ́ fọ̀. Mo ti rí ilé tí irin sún mọ́ gíláàsì débi pé wọ́n ní láti tú bóòtù kí wọ́n tó gbá réèlì.

Kí àlàfo irin sí irin má ju ìńṣì mẹ́rin lọ. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sùn sí, ẹ ní kó fi ìlẹ̀kùn kékeré tó ní páádì sí bọ́gílárì kan kí ẹ lè ríbi sá jáde tí iná bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ inú lè tó ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ìta kò lè tó.