Rikúrútà nìkan kọ́ ni yóò ka ohun tí ẹ kọ sórí Wásáàpù

*“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Rikúrútà kan ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan, Wásáàpù nìkan ló sì fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa ń kọ, ó ń fi ímójì sí i, ó sì ń pè mí ní ‘ọ̀rẹ́ mi’. Ṣé kí n máa fèsì bíi tirẹ̀ ni, àbí kí n máa kọ ọ́ bíi lẹ́tà? Mi ò fẹ́ le koko jù, mi ò sì fẹ́ kó rí mi bí ẹni tí kò mọ̀wà á hù.”*

Mo fẹ́ dá yín lóhùn nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gba iṣẹ́ kan mọ́ mi lọ́wọ́. Arábìnrin tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà yá mọ́ni gan-an, nígbà tí a sì fi máa lo ọ̀sẹ̀ kan lórí Wásáàpù, mo ti gbàgbé pé iṣẹ́ ni a ń sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ kúrò níbi tí mo wà. Mo kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: pé ọ̀gá mi ti sú mi, pé kò mọ nǹkan kan, pé kí wọ́n ṣáà gbà mí, pé iye yòówù tí wọ́n bá fún mi ti tó. Mo fi ímójì ẹ̀rín sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá ẹ̀ka tó fẹ́ gba ènìyàn ní ìwé kan níwájú, ó sì ka gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sí mi létí. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kí n tó dìde lórí àga pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Arábìnrin náà kò dà mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jábọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó rán an, ohun tó sì rọrùn jù fún un ni kí ó ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ wa kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo: rikúrútà ni ẹ ń kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ẹ kò tíì rí ni yóò kà á níkẹyìn, yóò sì kà á láìgbọ́ ohùn yín àti láìmọ ẹ̀fẹ̀ tó ti wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa àdàkọ yìí. Bí ènìyàn bá yan àtẹ̀jíṣẹ́ mélòó kan pọ̀ lórí Wásáàpù tí ó sì dà wọ́n kọ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ àti aago máa ń jókòó síwájú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, èsì kan tí ẹ gé sí ọ̀nà mẹ́fà yóò di ìlà mẹ́fà tí orúkọ yín wà lórí gbogbo wọn, yóò sì jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè kó èrò rẹ̀ jọ. Èsì kan náà, bí ẹ bá kọ ọ́ pọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, yóò jọ èsì òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà, n kì í fi ju àtẹ̀jíṣẹ́ kan lọ dáhùn ìbéèrè kan. Gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún máa ń tó. Mo máa ń kí wọn ní ṣókí, mo ń fi ìdáhùn gan-an sí iwájú nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń hàn lójú fóònù tí wọn kò tíì ṣí, lẹ́yìn náà ni mo ń sọ ohun tí ó kàn. Inú ibi tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ sí lórí fóònù ni mo ti ń kọ ọ́, tí mo bá sì kà á tán ni mo ń gbé e lọ síbi ìfiránṣẹ́. Bí ẹ bá ń lo Wásáàpù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ bọ́tìnì `Enter`, torí pé ó máa ń fi ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí ránṣẹ́. `Shift+Enter` ló ń mú yín bọ́ sí ìlà tuntun.

Ní ti ohùn tí ẹ ó fi sọ̀rọ̀, ìlànà tèmi ni pé kí n wà ní àtẹ̀gùn kan péré lókè ibi tí rikúrútà wà. Bí ó bá ń fi “o” bá mi sọ̀rọ̀, “ẹ” ni mo fi ń dá a lóhùn, mi ò sì yí i padà títí ọ̀rọ̀ fi parí, ìbáà jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. “Ọ̀rẹ́ mi” tó ń pè yín kò béèrè pé kí ẹ pe òun náà bẹ́ẹ̀. “Mà” tàbí “sà” kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan ni mo wí, kì í ṣe mẹ́wàá. Bí ó bá bèèrè lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ṣé ẹ ti dé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà, mo ti wà ní ẹnu ọ̀nà” ti tó. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà síbẹ̀ ló le koko.

Ímójì kò burú bí òun bá kọ́kọ́ lò ó, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ ti ìkíni tàbí ìdúpẹ́. Mi ò jẹ́ fi í sí ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọjọ́, tàbí ìdí tí mo fi ń kúrò níbi iṣẹ́. Àmì àtàǹpàkò tí a máa ń tẹ̀ mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an tún ní ewu tirẹ̀: kì í bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ṣe àdàkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì ka ìwé náà yóò rò pé ẹ kò dáhùn rárá. Bí wọ́n bá ní Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ tún un kọ padà pé ẹ ó wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é nígbà kejì, lọ́dọ̀ rikúrútà mìíràn. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kọ̀wé sí mi pé: “Báwo ni, ọ̀rẹ́ mi! Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ o. Èló lò ń gbà, èló lo sì fẹ́? Kíákíá o.” Ó wù mí kí n dáhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ránṣẹ́ ni pé: “Ẹ kú alẹ́, mà. Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ẹ ṣeun. Ẹ ó gbọ́ èsì tó kún láti ọ̀dọ̀ mi kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la tó lù.” “Kíákíá” rẹ̀ ti rí ìdáhùn, èmi náà sì ti ní òru kan láti ronú. Ní òwúrọ̀, mo kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀, mà. Inú mi dùn pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kí a tẹ̀ síwájú. Kí n tó dárúkọ iye kan, mo fẹ́ kí ẹ bá mi béèrè iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí, àti ohun tó bá owó oṣù rìn, bí ìtọ́jú ìlera àti ìsinmi ọdọọdún. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, a lè fi ìpè kan parí rẹ̀ lónìí láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán.”

Ó pè mí. A sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ iye tí wọ́n ní, mo sọ tèmi, a sì fẹnu kò sí ọjọ́ tí mo lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan tí mo gbọ́dọ̀ fi sọ fún ibi tí mo ń fi sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ fóònù kalẹ̀ ni mo kọ ímeèlì: iye owó, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá owó rìn, àti gbólóhùn kan pé bí mo bá ṣi nǹkan kan gbọ́, kí ó tún un ṣe. Mo wá padà sórí Wásáàpù, mo ní: “Mo ti fi àkópọ̀ ohun tí a sọ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, mà.” Mi ò sọ fún un pé kí ó yé lo Wásáàpù. Mo fi í sílẹ̀ fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn kí a tètè rí ara wa. Ọ̀rọ̀ tó lè di àríyànjiyàn ni mo kó lọ síbòmíràn. Nígbà tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú èyí tí a sọ. Mo fa ímeèlì náà jáde, wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó tún fà á tí mi ò fi í gbẹ́kẹ̀ lé Wásáàpù fún irú nǹkan báwọ̀nyí ni pé ẹnì kejì lè ṣètò kí ọ̀rọ̀ máa pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Àkíyèsí kan máa ń jáde láàárín ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti fò ó. Bí ẹ bá rí `Disappearing messages` níbẹ̀, ẹ da ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì kọ síbòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fi pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ ṣe àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá pa rẹ́ yóò fi `This message was deleted` sílẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí ènìyàn máa ronú ohun tí ó lè jẹ́. Wọ́n fàyè gba àtúnṣe fún ìṣẹ́jú 15, àmì `Edited` yóò sì hàn lára rẹ̀. Ìyẹn dára fún àṣìkọ lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹ ṣì sọ, ẹ kọ òmíràn pé ẹ fẹ́ ṣàtúnṣe sí ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ó bá fi ohùn tó gùn ránṣẹ́, ẹ fi kíkọ dáhùn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ gbọ́, kí ó lè tọ́ka síbi tí ẹ bá ti ṣì í gbọ́. Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù lásán, ẹ fi orúkọ yín àti orúkọ ipò náà parí rẹ̀, nítorí pé ó lè má tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá tiyín fọ̀rọ̀ wérọ̀ lọ́wọ́, kò pẹ́ jù. Ẹ má ṣàlàyé ìdí tí ohùn yín fi yí padà. Nígbà tó bá tún kọ̀wé, ẹ dá a lóhùn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó pé, kí ẹ sì béèrè àdírẹ́sì ímeèlì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè fi síífíì yín ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Rikúrútà tòótọ́ yóò fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má tíì fi ìwé ìdánimọ̀ tàbí nọ́ńbà báńkì yín ránṣẹ́. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó dárúkọ náà lórí nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.